Fọ́tò Tuntun, Ọ̀rọ̀ Tí Kò Bá Ẹnikẹ́ni Wí

Ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ jáde nígbà tí ọ̀rẹ́kùnrin àti ọ̀rẹ́bìnrin tó ti fi ara wọn sílẹ̀ bá ń jà lórí ẹ̀rọ ayélujára: "Ṣé mo dárúkọ ẹ ni?" Ẹni tó ń bèèrè bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Kò dárúkọ lóòótọ́. Àmọ́ gbogbo àdúgbò ti mọ ẹni tó ń bá wí, òun náà sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀.

Bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìfẹ́ tú ká, tàbí bí àwọn ọmọ ìwòyí ṣe máa ń sọ ọ́, wọ́n fún ẹnì kan ní bírẹ́kífáàsì. Onítọ̀hún á sunkún, á ti ara rẹ̀ mọ́lé fún ìgbà díẹ̀. Tó bá yá, á ṣe irun, á rán aṣọ, oorun á padà sí ojú rẹ̀, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Lọ́jọ́ kan á ya fọ́tò tó dùn-ún wò. Gílóò-ọ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀: ẹni tó ṣubú tó dìde, ó yẹ ká rí i. Fọ́tò kọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ìlà kan tàbí méjì tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni.

Ká má rò pé àwọn ọmọdé ló mú àṣà yìí dé. Ní agbo ilé olórogún, orin owú wà. Ìyáálé á máa gúnyán, á máa kọrin. Kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò tiẹ̀ ní wo apá ibi tí ìyàwó wà, ṣùgbọ́n ìyàwó tó ń gbálẹ̀ lójúde mọ̀ pé òun lorin ń bá wí. Bí ó bá fèsì, wọ́n á bi í pé ta ló pe orúkọ rẹ̀. Bí kò bá fèsì, a jẹ́ pé ó gbé e mì nìyẹn. Sọ́ọ̀bù tí wọ́n ń ju síra wọn lórí Instagram àti WhatsApp lónìí, ọmọ bíbí inú orin owú ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé tí iyán bá ti kúnná, orin owú parí, ẹni tí kò sí nílé lọ́jọ́ náà kò gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè ya ojú fóònù rẹ̀ pamọ́, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ìyá ọmọkùnrin náà ní Iléṣà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tó ní ìgboyà láìbú ẹnikẹ́ni, kò tíì ṣe nǹkan kan tó bá yọ orúkọ kúrò nìkan. Orúkọ ló rọrùn jù láti yọ. Ibi tí ẹni tó lọ máa ń sá pamọ́ sí nínú gbólóhùn pọ̀, a sì gbọ́dọ̀ wá a débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó jẹ́ aránṣọ ní Súrùlérè, ọmọ ọdún 29. Òun àti ọmọkùnrin kan fẹ́ra fún ọdún 4, ìdílé méjèèjì ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kí ọ̀rọ̀ tó dàrú. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yẹn ṣe pàtàkì, torí ó túmọ̀ sí pé ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ìjọ ni wọ́n máa ka ohun tó bá kọ, gbogbo wọn ló sì mọ ìtàn náà. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó fi aṣọ òfì aláwọ̀ sányán rán kóòtù àti ṣòkòtò fún ara rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ya á. Fọ́tò náà dáa. Ó kù kí ó kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀.

Èyí tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni: "Àwọn kan rò pé mi ò ní dìde mọ́. Ẹ wò mí báyìí." Kò sí orúkọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Ta ló wà níwájú? "Àwọn kan" ni. Òun tó dúró nínú aṣọ tó fi ọ̀sẹ̀ kan rán, ẹ̀yìn ló wà nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí "àwọn kan" máa ń jẹ́ lẹ́nu Yorùbá: ẹnì kan ṣoṣo ni, a kàn pọ̀ ọ́ kí ó má bàa hàn. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí kò ní béèrè iye tí aṣọ náà jẹ́. Ohun tó máa béèrè ni pé, "Ta ni wọ́n ń bá wí?" Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò ṣe sọnù.

Ó pa á rẹ́, ó wá kọ: "Mo ti bọ́. Ọlọ́run ló yọ mí." Èyí dà bí ọpẹ́, ó sì rọrùn láti rò pé ọpẹ́ kì í bú èèyàn. Lójú tèmi, èyí gan-an ló le jù nínú gbogbo wọn. Èèyàn kì í ṣàdédé bọ́, ó ní ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A kì í yọ ẹni tí kò sí nínú ewu. Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì yẹn ti gbé pàkúté kalẹ̀, àwọn tó mọ ìtàn á sì fi orúkọ sára pàkúté náà fúnra wọn. Ti àkọ́kọ́ kàn sọ pé ẹnì kan fojú kéré òun. Èyí ń sọ pé ẹnì kan jẹ́ ewu fún òun, ó tún wá fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí ẹjọ́ tí ẹnì kejì kò tíì rojọ́ nínú rẹ̀.

Ibí yìí ló yẹ ká ti fẹnu kan òfin, torí ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbọ́ pé àìdárúkọ ti bò wọ́n láṣìírí. Ní kóòtù Nàìjíríà, ẹni tó bá pẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ kò ní láti fi hàn pé wọ́n kọ orúkọ òun. Bí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá lè ka ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n sì mọ̀ pé òun ni, ọ̀rọ̀ ti kàn án. Ó ṣì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ba òun jẹ́ lójú àwọn èèyàn, àti pé ẹlòmíràn kà á. "Mo ti bọ́" nìkan kò lè gbé aránṣọ wa dé kóòtù. Ṣùgbọ́n tí inú bá bí i tó sì fi kún un pé "lọ́wọ́ gbájú-ẹ̀" tàbí "lọ́wọ́ ẹni tó ń lu obìnrin", tí kò sì ní ẹ̀rí, àìdárúkọ kò ní gbà á lọ́wọ́ lọ́yà. Ẹni tí wọ́n bá lù lóòótọ́ ń kọ́, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá àti àwọn ẹbí ló yẹ kí ó gbé e lọ, kì í ṣe abẹ́ fọ́tò. Ọ̀rọ̀ tiwa lónìí ni ti ìfẹ́ tó kàn tú ká.

Ìgbà kẹta, ó kọ ọ́ pé: "Mo dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Kò burú. Ọ̀pọ̀ ló máa dúró síbẹ̀, n kò sì ní bá wọn jà. Àbùkù rẹ̀ kò ju pé "tẹ́lẹ̀" kì í ṣe ilé òfìfo. Ẹnì kan ń gbé inú rẹ̀ fún ọdún 4, àwọn tó mọ̀ á rántí rẹ̀. Ó tún ń gba ara rẹ̀ létí díẹ̀, nítorí ẹni tó wà ní tẹ́lẹ̀ yẹn, òun náà kúkú ni.

Ìgbà kẹrin ni iná wá tàn: "Aṣọ yìí, èmi ni mo gé e, èmi ni mo rán an, èmi náà ni mo wọ̀ ọ́." Ẹ rí i pé ojú ti kúrò lára ẹni tó lọ, ó ti bọ́ sára aṣọ. Ó kúrò lórí ohun tí wọ́n ṣe fún un, ó dé orí ohun tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó kù díẹ̀ kó pé. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni "èmi ni" tó fọ̀n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta yẹn. Ní èdè wa, tí èèyàn bá ti gbé ara rẹ̀ síwájú tó sì fi "ni" tì í, ó ti ti ẹlòmíràn sẹ́yìn. Bí ìyàwó bá sọ pé "Mo san owó ilé", ìròyìn ló ń jẹ́. Bí ó bá sọ pé "Èmi ni mo san owó ilé", kí ọkọ yáa tètè wá ibòmíràn jókòó sí. Nítorí náà, lẹ́yìn "èmi ni" mẹ́ta, etí tó bá mọ ìtàn á máa gbọ́ "kì í ṣe ìwọ" lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó wá yọ gbogbo ìyẹn kúrò: "Mo gé e, mo rán an, mo wọ̀ ọ́. Ó bá mi mu."

Mo rò pé èyí ni. Ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta, òun ló ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó jókòó sí kọ̀rọ̀ gbólóhùn náà tó ń gbọ́. "Ó bá mi mu" ló gbé gbogbo ìgboyà yẹn dání, torí kò pariwo. Aṣọ ló ń sọ, ẹni tó bá sì fẹ́ gbọ́ ayé rẹ̀ nínú rẹ̀, kó gbọ́ ọ. Ìyẹn kò ta bá ẹnikẹ́ni. Oníbàárà tó kàn ń kọjá lọ á rí i, á sì béèrè bóyá ó lè rán irú rẹ̀ fún òun ṣáájú Kérésìmesì.

Bí ẹ bá fẹ́ dán ọ̀rọ̀ tiyín wò kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi í fún àjèjì kà, ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ tiẹ̀ ní ọ̀rẹ́kùnrin rí. Bí ó bá ku ohun kan tí kò yé e, bí ó bá ní "ta nìyẹn?" tàbí "kí ló ṣẹlẹ̀?", ẹni tó lọ ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àjèjì tó ka ìlà karùn-ún ti aránṣọ wa kò ní nǹkan kan tó máa béèrè ju orúkọ aṣọ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ronú pé ọmọkùnrin náà ń kà á sókè níwájú ìyá rẹ̀. Ṣé ibì kan wà tí ohùn rẹ̀ á ti wálẹ̀? Ibẹ̀ ni kí ẹ gé.

Kíkúrú náà ń ṣèrànwọ́. Instagram fàyè gba lẹ́tà 2,200 lábẹ́ fọ́tò, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 125 àkọ́kọ́ ni òǹwòran máa ń rí kó tó kan "more". Àyè tó kù yẹn ni èṣù fi ń wọlé. Mo ti rí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ìlà àkọ́kọ́ dùn bí oyin, àmọ́ tí ẹ bá tẹ "more", ẹjọ́ lẹ máa bá nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Ọpẹ́ gígùn tún léwu lọ́nà tirẹ̀. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dúró tì mí" dára létí, ṣùgbọ́n bí àwọn kan bá dúró tini, a jẹ́ pé ẹnì kan wà tí kò dúró. Bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, ẹ dúpẹ́ lórí ohun tó wà nínú fọ́tò: ẹni tó ṣe irun, ẹni tó ya àwòrán, ẹni tó hun òfì.

A ti rójú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn lè kọ ìlà tó mọ́ tónítóní kí ó sì fi ohun mìíràn sọ̀kò. Orin wà tí a lè so mọ́ fọ́tò lórí Instagram, bí orin náà bá sì ń gégùn-ún fún ọ̀dàlẹ̀, olórin ti bá yín parí ọ̀rọ̀ tí ẹ kò kọ. Apá tí wọ́n gé lára fọ́tò wà, tí ìka ẹnì kan ṣì kù léjìká. Ọjọ́ ló wá burú jù nínú wọn, torí a lè ní a kò mọ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ní London, Ọmọọbabìnrin Diana lọ síbi àpèjẹ kan ní Serpentine Gallery. Aṣọ dúdú péńpé kan tó fi èjìká sílẹ̀ ló wọ̀, èyí tí Christina Stambolian rán. Aṣọ náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́ tí kò wọ̀ ọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni ọkọ rẹ̀, Charles, tí wọ́n ti pín yà, jẹ́wọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n fún Jonathan Dimbleby pé òun ti ṣe panṣágà. Diana kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé. Síbẹ̀ aṣọ ẹ̀san ni wọ́n ń pè é títí dòní. Kí ló sọ aṣọ lásán di ẹ̀san? Ọjọ́ ni. Bí ó bá wọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, aṣọ tó rẹwà lásán ni ìbá jẹ́. N kò dá a lẹ́bi. Ohun tí wọ́n ṣe fún un pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni wí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọkùnrin náà, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì pàdé, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n jẹ́. Bí aránṣọ wa bá gbé fọ́tò rẹ̀ jáde ní Sátidé tí ọmọkùnrin yẹn ń ṣègbéyàwó, "Ó bá mi mu" ti di ọfà. Kí ó dúró di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ á dé. Àwọn ni wọ́n máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù, ìfẹ́ ló sì máa ń tì wọ́n. Ẹ kọ ohun tó mọ́, kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹnì kan á fi kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ojú á tì í ni!" Ẹlòmíràn á ní, "Lágbájá, ṣó ò ń wò?" Bí ẹni tó ni fọ́tò bá tẹ ọkàn pupa sí i, tàbí tó fi ẹ̀rín fèsì, ó ti fọwọ́ sí ìwé náà nìyẹn, òun náà ló sọ ọ́. Ẹ pa irú rẹ̀ rẹ́ wẹ́rẹ́, kí ẹ sì lọ bá ọ̀rẹ́ náà sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé torí mi lẹ ṣe sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀." Bí onítọ̀hún kò bá gbọ́, Restrict wà lórí Instagram láti ọdún 2019: ohun tó bá kọ lẹ́yìn ìyẹn, òun nìkan ló máa rí i, àfi tí ẹ bá fàyè gbà á, kò sì ní mọ̀ pé ẹ ṣe nǹkan kan fún òun. Instagram tún fàyè gba kí ẹ fi Pin gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta sókè lábẹ́ fọ́tò. Kí aránṣọ wa gbé ti ẹni tó béèrè iye owó kóòtù sókè. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn á rí i pé ọ̀rọ̀ aṣọ ni wọ́n ń sọ níbí, á sì tẹ̀ lé e.

WhatsApp ní ìdánwò tirẹ̀. Wákàtí 24 ni ohun tí a bá gbé sí ibi Status ń lò, a sì lè yan àwọn tó máa rí i: "My contacts except..." láti yọ ẹnì kan, "Only share with..." láti mú àwọn díẹ̀. Mo mọ ọgbọ́n tí àwọn kan ń dá níbẹ̀, tí wọ́n á gbé e sílẹ̀ kí ẹnì kan ṣoṣo lè rí i. Ìyẹn kúrò ní fọ́tò gílóò-ọ́ọ̀pù, lẹ́tà ni, kí wọ́n kúkú kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i. Àwọn mìíràn á gbé e síta fún gbogbo ayé, wọ́n á wá jókòó ti orúkọ àwọn tó ti wò ó, wọ́n ń wá orúkọ kan ṣoṣo. Wọ́n ń fi ara wọn ṣòfò ni. Bí ọmọkùnrin náà bá ti pa àmì tó ń fi hàn pé èèyàn ti ka iṣẹ́ sórí WhatsApp rẹ̀, ó lè wò ó nígbà mẹ́wàá kí orúkọ rẹ̀ má jáde.

Àwọn ọkùnrin náà wà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àpẹẹrẹ obìnrin tàn yín. Tiwọn sábà máa ń jẹ́ fọ́tò ibi tí wọ́n ti ń gbé irin, tàbí ọkọ̀ tuntun, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí kò lè dúró de àkókò. Ìwọ̀n kan náà ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. "Mo gbé kílò 100 lónìí" kò bá ẹnikẹ́ni wí. "Ó yẹ kí o ti ní sùúrù" ti ń bá ẹnì kan wí.

Bí ẹ bá kọ tiyín tán, tí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ sì rí i pé ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn jù ni bóyá ó máa rí i, ẹ má gbé e jáde lónìí. Ẹ fi fọ́tò náà sílẹ̀ nínú fóònù, kì í kan. Aṣọ náà ṣì wà nínú àpótí, ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí ìnáwó tó ń bọ̀.